Kí ló dé tí iye ìwò "Realtime" YouTube fi ń yí padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀?

Aláró_Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìkànnì àdìrẹ ni tiwa lórí YouTube. Fídíò kan jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé nínú oṣù keje. Nígbà tó di aago mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè, káàdì "Realtime" sọ pé a ti ní ìwò 12,400 láàárín wákàtí 48. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo wọ inú Analytics, mo yan Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan, 9,700 ni mo bá níbẹ̀. Ìwò 2,700 ti rá.

Owó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, $143.20 ni Studio kọ fún oṣù keje. Nígbà tí oṣù kẹjọ fi dé ìdajì, ó ti di $129.60.

Ṣé wọ́n ń yọ ìwò wa ni, àbí èmi ni mi ò mọ nọ́ńbà kà? Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta aró fẹ́ gbé ìpolówó fún wa, wọ́n sì ní kí n fi iye ìwò ránṣẹ́. Èwo ni kí n fi ránṣẹ́ nínú méjèèjì?

Akin_Fídíò

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ìwò tí kò bá tó ìṣẹ́jú-àáyá 30, YouTube kì í kà á. "Realtime" á kọ́kọ́ ka gbogbo ẹni tó bá tẹ fídíò, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ àwọn tó sá kúrò kí ó tó pé 30. Ẹ jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ fídíò yín mú èèyàn dání, nọ́ńbà kò ní dínkù mọ́.

Àgbà_Òǹkà

Akin, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Lóòótọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá 30 yẹn kì í ṣe òfin tó wà fún ìwò fídíò wa. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra ìpolówó ni wọ́n ti gbé e wá: tí ìpolówó bá jẹ́ èyí tí òǹwòran lè fò, tí ẹni tó gbé e sì ń san owó lórí ìwò, kò ní sanwó àfi tí òǹwòran bá wò ó tó ìṣẹ́jú-àáyá 30, tàbí tó wò ó tán bí kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, tàbí tó tẹ̀ ẹ́. Fún fídíò gígùn tí a fúnra wa gbé síta, YouTube kò kéde iye ìṣẹ́jú-àáyá kankan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí ìwò náà jẹ́ ti ènìyàn gidi tó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ wò ó.

Àyẹ̀wò yẹn kì í ṣe tuntun. Àwọn tó ti pẹ́ lórí YouTube á rántí pé iye ìwò máa ń dúró pa sórí "301+" fún wákàtí bíi mélòó kan kí ó tó tún máa lọ. Àyẹ̀wò ló dá a dúró níbẹ̀. Láti 2015 ni wọ́n ti mú ìdúró yẹn kúrò. Ní báyìí, ìwò tí wọ́n gbà gbọ́ á máa wọlé lọ, èyí tí ó bá mú ìfura dání á sì jáde tó bá yá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí i kí nọ́ńbà lọ sókè, kí ó sì padà sẹ́yìn.

Aláró, ṣùgbọ́n ní ti 2,700 yín, mo rò pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ọjọ́ tí ẹ yàn ni kò bá wákàtí 48 yẹn dọ́gba. "Realtime" ń ka wákàtí 48 tó kẹ́yìn láti ìgbà tí ẹ ṣí i, aago ọ̀dọ̀ yín ló sì fi ń kọ wákàtí sí abẹ́ àwòrán náà. Àwọn ojú ìwé Analytics yòókù ń ka odindi ọjọ́, láti òru dé òru, aago Kalifóníà ni wọ́n sì ń tẹ̀lé. Nínú oṣù keje, aago Nàìjíríà fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú tiwọn. Nítorí náà, "Sátidé" inú Analytics kò bẹ̀rẹ̀ fún wa títí di aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, kò sì parí títí di aago mẹ́jọ àárọ̀ Sọ́ńdè.

Aago mẹ́fà ni fídíò yín jáde. Aago mẹ́wàá alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ni ní Kalifóníà. Wákàtí méjì àkọ́kọ́, èyí tí àwọn tó ti tẹ agogo ìkìlọ̀ máa ń ya bo fídíò, abẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ló bọ́ sí. Ẹ sì yọ Ọjọ́ Ẹtì kúrò nínú ọjọ́ tí ẹ yàn.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ ṣí studio.youtube.com lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wọ inú fídíò yẹn gan-an, ẹ tẹ Analytics, lẹ́yìn náà ẹ tẹ "Advanced mode". Lápá òkè, níbi tí ọjọ́ wà, ẹ yan "Custom", kí ẹ mú un láti Ọjọ́ Ẹtì dé Sọ́ńdè. Ẹ wo iye tó wà lábẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Fídíò náà kò tíì sí láyé fún púpọ̀ nínú ọjọ́ yẹn, nítorí náà gbogbo ìwò tí ẹ bá rí níbẹ̀, ti wákàtí méjì yẹn ni. Ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ bá rí.

Ṣadé_Pẹ́kámù

Ẹ̀gbọ́n Àgbà_Òǹkà, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ka nǹkan tí ẹnì kan kọ níbòmíràn pé wákàtí mẹ́sàn-án ni, kì í ṣe mẹ́jọ. Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ọjọ́ tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ fún mi nínú Analytics, ìgbà òtútù àti ìgbà ooru. Èwo ló tọ̀nà fún àwọn tó wà nílé?

Àgbà_Òǹkà

Méjèèjì tọ̀nà, Ṣadé. Kalifóníà máa ń yí aago padà, Nàìjíríà kì í yí tirẹ̀. Láti Sọ́ńdè kejì oṣù kẹta títí di Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, wákàtí mẹ́jọ ló wà láàárín wa. Nínú àwọn oṣù tó kù, ó di mẹ́sàn-án, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ọjọ́ wọn á sì máa bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó wà ní Èkó tàbí Kútọnu. Lọ́ńdọ̀nù ń yí aago tirẹ̀ náà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí mẹ́jọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ tí ẹ̀yin àti àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń yí aago kò bára mu, nítorí náà ẹ máa rí i tí ó di méje fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú oṣù kẹta, àti fún ọ̀sẹ̀ kan ní ìparí oṣù kẹwàá.

Kíkẹ́_Ẹlẹ́rìn-ín

Ẹ bá mi dá sí tèmi náà, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe mí. Shorts mi ní ìwò 80,000, ṣùgbọ́n ní ibi "Earn", níbi tí wọ́n ti ń ka èyí tí a fi ń wọ ètò owó, 31,000 péré ni wọ́n kọ. Ó ti lé ní oṣù kan báyìí, kò yí padà. Ọjọ́ mélòó ni kí n tún dúró kí èyí tó kù tó wọlé?

Àgbà_Òǹkà

Kíkẹ́, má dúró dè é, kò ní wọlé. Tìrẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye ojú ẹsẹ̀ àti iye ìkẹyìn. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà. Láti 31 oṣù kẹta 2025, gbogbo ìgbà tí Short bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, tàbí tó bá tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìwò kan ni, kódà bí òǹwòran bá fi ìka gbá a lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣirò àtijọ́ ṣì wà, orúkọ rẹ̀ ni "Engaged views", òun sì ni wọ́n fi ń ṣírò owó àti mílíọ̀nù 10 tí wọ́n ń béèrè láàárín ọjọ́ 90. Ṣí "Advanced mode", kí o fi "Engaged views" kún un, wàá rí i pé yóò sún mọ́ 31,000 yẹn ju ìwò lásán lọ.

Ìyá_Akọ̀wé

Ẹ jẹ́ kí n mú apá owó, torí kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án.

Aláró, ẹ wo orúkọ tó wà lórí owó yẹn nínú Studio: "Estimated revenue". Àfojúdá ni. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń bá a lẹ́yìn tí owó náà bá ti wọlé. Èyí àkọ́kọ́ máa ń wáyé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìgbà yẹn ni ìṣirò náà kún sí i. Èkejì máa ń wáyé ní ìdajì oṣù tó tẹ̀lé e, ìyẹn ló péye jù. $143.20 tí ẹ rí lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ, owó ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù keje wà nínú rẹ̀ tí kò tíì rí àtúnṣe kankan. $129.60 ti rí méjèèjì.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń gbé e. Ọ̀kan ni ìwò tàbí títẹ ìpolówó tí kò mọ́: rọ́bọ́ọ̀tì, ẹni tó ń ṣí fídíò ara rẹ̀ léraléra, ìwò tí wọ́n rà. Wọ́n á dá owó rẹ̀ padà fún olùpolówó. Èkejì ni ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, tí ẹnì kan bá sọ pé orin òun wà nínú fídíò yín. Ẹ̀kẹta ni àwọn ìpolówó tí olùpolówó ti san owó odindi ọjọ́ kan lápapọ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tó kan ìkànnì kọ̀ọ̀kan nínú owó yẹn títí wọ́n fi máa ka gbogbo ibi tí ìpolówó náà ti hàn lọ́jọ́ náà, nítorí náà YouTube á kọ́kọ́ fojú dá a. Ẹ̀kẹta yìí lè mú owó lọ sókè náà, kì í ṣe sílẹ̀ nìkan.

Nọ́ńbà tí ẹ máa rí gbà wà nínú AdSense fún YouTube. Láàárín ọjọ́ 7 sí 12 oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n máa ń gbé owó oṣù tó kọjá síbẹ̀, wọ́n á sì sanwó láàárín ọjọ́ 21 sí 26 bí ohun tó wà níbẹ̀ bá ti tó $100. Bí kò bá tó, ó máa dúró kún ti oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: owó orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í hàn nínú Studio rárá. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú wọn, nítorí náà ẹni tó ti kún fọ́ọ̀mù W-8BEN láti Nàìjíríà, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú owó tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran tó wà ní Amẹ́ríkà, wọn kì í fọwọ́ kan ti ibòmíràn. Ká sọ pé $40 nínú $129.60 yín wá láti Amẹ́ríkà. Wọ́n á yọ $12, ẹ̀yin á rí $117.60. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tiyín gan-an, ẹ lọ sí "Advanced mode", ẹ tẹ "Geography", ẹ wo "Estimated revenue" tó wà níwájú United States. Ẹni tí kò kún fọ́ọ̀mù rárá lè rí kí wọ́n yọ ìdá 24 nínú gbogbo owó rẹ̀, ibi yòówù kí ó ti wá.

Akin_Fídíò

Mo gba ti ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá rí báyìí, kí ni "Realtime" wà fún? Kí a kúkú pa á tì.

Àgbà_Òǹkà

Rárá, má pa á tì. Ó wúlò gan-an fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí o bá gbé fídíò síta. Bí o bá mọ iye tí fídíò rẹ sábà máa ń ní ní wákàtí àkọ́kọ́, tí o sì rí ìdá mẹ́ta rẹ̀ péré, wàá tètè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá o gbàgbé fídíò náà sí "Unlisted", tàbí bóyá àwòrán ojú fídíò kò wọlé. Bí wákàtí kan bá ṣàdédé ga ju àwọn yòókù lọ, o mọ̀ pé ẹnì kan ti pín in níbì kan. Fi wákàtí wé wákàtí nínú rẹ̀. Má fi àpapọ̀ rẹ̀ wé odindi ọjọ́ inú Analytics, má sì fi ṣírò owó.

Aláró_Ìtòkú

Mo ti dé o. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Abẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ìwò 1,960 ló wà níbẹ̀! Bí mo bá fi kún 9,700, ó di 11,660. Mo ní àwòrán ojú fóònù tí mo yà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Mọ́ńdè yẹn náà, wákàtí aago mẹ́fà fi 80 hàn, ti aago méje fi 70 hàn. Kí ni kí n ṣe sí àwọn yẹn?

Àgbà_Òǹkà

Ẹ yọ wọ́n. Aago mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè ni káàdì tiyín dúró, Sọ́ńdè inú Analytics sì gùn dé aago mẹ́jọ. 150 yẹn kò sí nínú 12,400. Nítorí náà, 11,660 ẹ yọ 150 nínú rẹ̀, ó ku 11,510. Ẹ yọ ìyẹn nínú 12,400, ó ku 890. Ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó fi díẹ̀ lé. Òun nìkan ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àfojúdá ojú ẹsẹ̀ àti iye tí wọ́n ti yẹ̀ wò.

Ṣadé_Pẹ́kámù

Ìdá méje kò ha pọ̀ jù? Lórí ìkànnì tí mo ń bójú tó, kì í sábà tó ìdá méjì. Aláró, ẹ má bínú o, ṣé ẹ wà nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ti ń wo fídíò ara wọn?

Aláró_Ìtòkú

A wà nínú ọ̀kan. Èèyàn bíi igba ni wá. Ẹni tó bá gbé fídíò síta á ju líǹkì rẹ̀ síbẹ̀, gbogbo wa á sì wò ó. Èèyàn gidi ni wá o, a kì í lo rọ́bọ́ọ̀tì.

Akin_Fídíò

Èèyàn gidi ni wọ́n, kí ló wá burú níbẹ̀? Èmi kò rò pé ìyẹn ni.

Ìyá_Akọ̀wé

Akin, pé wọ́n jẹ́ èèyàn gidi nìkan kò tó. Ìlànà YouTube kò fàyè gba kí èèyàn ṣe pàṣípààrọ̀ ìwò, kí a máa wo ara wa kí nọ́ńbà lè lọ sókè. Ohun tó sì máa ń dá àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ni pé wọ́n á ṣí líǹkì, wọ́n á wò ó díẹ̀, wọ́n á ṣí òmíràn. Àwọn mìíràn á tún un ṣí lórí fóònù kan náà. Aláró, ẹ wo "Traffic source" fún fídíò yẹn, kí ẹ tẹ "External". Bí WhatsApp bá wà lókè níbẹ̀, tí "Average view duration" rẹ̀ sì kúrú gan-an sí ti àwọn tó wá láti "YouTube search", ẹ ti rí ibi tí ìfura ti lè wá.

Àgbà_Òǹkà

Mo fara mọ́ Ìyá_Akọ̀wé pé kí ẹ kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé òun ló gbé 890. Igba èèyàn, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, 400 ni. "Realtime" fúnra rẹ̀ tún jẹ́ àfojúdá, ó lè ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni yọ ohunkóhun. YouTube kì í fi àlàyé hàn wá pé báyìí ni a yọ fún rọ́bọ́ọ̀tì, báyìí ni a yọ fún àtúnṣe. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ gbé fídíò mẹ́ta mìíràn síta láìju líǹkì sínú ẹgbẹ́ náà, kí ẹ ṣe ìṣirò kan náà, kí ẹ wo bóyá ìdá méje yẹn á wá sílẹ̀.

Fún ilé iṣẹ́ aró, ẹ má fi "Realtime" ránṣẹ́.

Ṣadé_Pẹ́kámù

Mo gbà. Àwọn tó ń ra ìpolówó níbí máa ń béèrè ìwò ọjọ́ 30 àkọ́kọ́ fún fídíò mẹ́ta tàbí márùn-ún tó jáde kẹ́yìn. Ẹ yan fídíò tó ti pé ọjọ́ 33 ó kéré tán, kí ọjọ́ 30 náà ti kọjá àtúnṣe ọjọ́ méjì mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ya àwòrán náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Akin_Fídíò

Èmi kò gba ìyẹn tán. Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń sanwó lórí wákàtí 48 àkọ́kọ́, torí ọjà wọn máa ń parí. Bí ẹ bá ní kí wọ́n dúró de ọjọ́ 33, wọ́n á gbé owó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Àgbà_Òǹkà

Akin, ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé iye tí a máa fi sanwó ni èyí tí Analytics bá fi hàn ní ọjọ́ karùn-ún fún àwọn ọjọ́ tí ẹ jọ yàn, kí ẹ sì sọ pé aago Kalifóníà ni. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fídíò síta ní aago mẹ́jọ àárọ̀ wa tàbí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tàbí mẹ́sàn-án nígbà òtútù tiwọn, kí wákàtí àkọ́kọ́ má bàa bọ́ sí ọjọ́ tó ṣáájú. Pẹ̀lú ìyẹn, ọjọ́ méjì inú Analytics á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wákàtí 48 yín mu.

Aláró_Ìtòkú

Ẹ ṣeun gidi. Mo ti rántí nǹkan kan nípa $13.60 tó dínkù. Fídíò kan wà nínú oṣù keje tí ẹnì kan gba ẹ̀tọ́ orin lé lórí nítorí ìlù tó ń dún lẹ́yìn. A ṣe àtakò, ṣùgbọ́n ó ti di ọjọ́ kẹjọ kí a tó ṣe é. Ṣé ìyẹn lè wà nínú rẹ̀?

Ìyá_Akọ̀wé

Ó lè wà nínú rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ṣe àtakò láàárín ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ náà, YouTube á tọ́jú owó fídíò yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí wọ́n fi máa yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá ti kọjá ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ tí ẹ ṣe àtakò ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Owó ọjọ́ méje tó ṣáájú kò ní sí nínú ohun tí wọ́n tọ́jú fún yín, kódà bí ẹ bá jàre. Ẹni tó gba ẹ̀tọ́ náà ní ọjọ́ 30 láti dáhùn, nítorí náà apá tí wọ́n tọ́jú lè má tíì hàn níbì kankan nígbà tí ẹ rí $129.60.

Ẹ ṣí "Advanced mode", ẹ yan oṣù keje, ẹ tẹ "Content", ẹ fi "Estimated revenue" sí i, kí ẹ wa fídíò yẹn nínú rẹ̀. Ẹ tẹ ọfà tó wà lápá ọ̀tún lókè, kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí CSV. Ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kẹsàn-án àti ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kan náà ni kí ẹ yàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá tò wọ́n síra, fídíò tí owó rẹ̀ nìkan wálẹ̀ á hàn gbangba, ìyẹn sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ orin. Bí gbogbo fídíò bá wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pa pọ̀, ẹ lọ wo apá ìpolówó tàbí ìwò tí kò mọ́.

Aláró_Ìtòkú

Mo ti gbé ti oṣù keje sílẹ̀ báyìí. Fídíò onílù yẹn wà níbẹ̀, $2.10 ló wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní èyí tó wà lọ́jọ́ kìíní láti fi wé e. Màá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oṣù kẹsàn-án.